Ẹ Yéé Bá Ìyá Ọlọ́jà Du Owó Pọ́ọ́kú

Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, Àlàájì fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí Wáásáàpù. Ó ní, "Ẹnjiníà, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, mo fẹ́ kó o bá mi yọ náírà márùn-ún kúrò lórí ọgọ́rùn-ún, lórí gbogbo ọjà, ní gbogbo ẹ̀ka. Àwa la máa tà lówó pọ́ọ́kú jù lọ nílùú yìí." Ẹ̀ka méje ni súpámákẹ́ẹ̀tì Àlàájì ní nígbà náà, mẹ́rin n'Íbàdàn, mẹ́ta yòókù láwọn ìlú tó wà nítòsí. Èmi ni mo kọ ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tajà níbẹ̀, èmi náà ni mo sì ń tọ́jú rẹ̀. Mo dá a lóhùn pé, "Ó ti tán, sà." Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo kọ ìlà méjì, mo tẹ̀ ẹ́, mo sì lọ sùn.

```sql
UPDATE products
SET price = ROUND(price * 0.95);
```

Ìlà méjì yìí ló pa ẹ̀ka méjì nínú méje náà láàárín oṣù mẹ́sàn-án. Kóòdù náà ò ní àṣìṣe kankan o. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe gẹ́lẹ́ ló ṣe. Èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló wọ́, èrò yẹn náà ni mo sì ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù márùn-ún, mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: pé bí ọjà ò bá yá, kí á ṣáà dín owó kù. Mo ti yí àwọn iye kan padà díẹ̀ nínú ìtàn yìí kí ẹnikẹ́ni má baà dá ilé iṣẹ́ náà mọ̀, ṣùgbọ́n bí ìṣirò náà ṣe rí gan-an ni mo fi sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣòro. Súpámákẹ́ẹ̀tì tí kò kéré, tí kò sì tóbi, kò gbọdọ̀ fi owó pọ́ọ́kú ṣe ohun ìjà. Ìyàtọ̀ ni kó mú. Ẹni tó bá sì ń gba irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn pé kó lọ bá ọjà Bódìjà du owó pọ́ọ́kú, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tí owó pọ́ọ́kú túmọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1980, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Harvard, Michael Porter, kọ ìwé kan tí wọ́n ṣì fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òwò títí dòní. Ó ní ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ borí àwọn tó ń bá a díje ní ọ̀nà díẹ̀ ló lè gbà. Èkíní ni kí ìnáwó rẹ̀ kéré ju ti gbogbo wọn lọ. Èkejì ni kó yàtọ̀ débi pé àwọn èèyàn á fẹ́ san owó tó lé díẹ̀ nítorí ìyàtọ̀ náà. Ẹ̀kẹta ni kó mú apá kékeré kan nínú ọjà, kó sì ṣe ọ̀kan nínú méjì àkọ́kọ́ yẹn níbẹ̀. Porter wá kìlọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ mú méjèèjì dání lẹ́ẹ̀kan náà á há sáàárín. Àwọn bàbá wa náà ti sọ ọ́ kí wọ́n tó bí Porter: ẹni tó lé eku méjì á pòfo.

Ẹ wo ọ̀nà kìíní yẹn dáadáa. Porter ò sọ pé kí o máa tà ní owó tó kéré jù lọ. Ó ní kí ìnáwó rẹ kéré jù lọ. Ọ̀tọ̀ lèkíní, ọ̀tọ̀ lèkejì. Iye tí o kọ sára ọjà, ẹnikẹ́ni ló lè yí i padà ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Iye tí ó ń ná ọ kí ọjà yẹn tó dórí pẹpẹ, kò sí kóòdù tó lè yí ìyẹn padà. Ẹni tí ìnáwó rẹ̀ kéré lóòótọ́ lè tà ní iye kan náà tí gbogbo ayé ń tà, kí èrè tirẹ̀ sì ju tiwọn lọ. Àyẹ̀wò tí a fi ń mọ̀ ọ́n nìyẹn. Bí o bá dín owó kù kí àyẹ̀wò yìí tó gbè ọ́, èrè ara rẹ lo ń pín fún aráàlú.

Ó yẹ kí n fi náírà ṣàlàyé rẹ̀. Nínú gbogbo ₦100 ọjà tí Àlàájì ń tà, ₦84 ló fi ra ọjà náà. ₦16 ló kù. Nínú ₦16 yẹn, owó òṣìṣẹ́ kó ₦5, iná àti dísù jẹnẹrétọ̀ kó ₦4, owó ilé kó ₦3, ọjà tí wọ́n jí àti èyí tó bàjẹ́ kó ₦2, jáńgirọ́fà yòókù kó ₦1. ₦1 péré ló kù fún Àlàájì. Bí ó bá tà mílíọ̀nù 200 lóṣù, mílíọ̀nù 2 ni èrè rẹ̀. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kó hàn. Ẹni tó bá wo ilé ńlá yẹn látìta, pẹ̀lú iná tó ń tàn yanran, á rò pé owó ń dà wọlé ni.

Nígbà tí mo tẹ ìlà méjì yẹn, ọjà ₦100 di ₦95. Ṣùgbọ́n ₦84 ṣì ni wọ́n fi ń rà á, torí pé àwọn tó ń kó ọjà fún un ò gbọ́ nípa Wáásáàpù wa. Èyí tó kù lórí ọjà kọ̀ọ̀kan kò wá jẹ́ ₦16 mọ́, ó di ₦11. Kí Àlàájì tó lè rí iye tó ń rí tẹ́lẹ̀, ọjà tó ń tà gbọ́dọ̀ fi ìdá 45 nínú 100 pọ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Ó yọ ₦5 péré lórí ₦100, ó sì di dandan kó tà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlàjì ọjà sí i, kó tó lè padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Kò tíì jèrè ẹyọ kan o.

Mélòó ló wá fi pọ̀ sí i? Ìdá 12 nínú 100. Èmi ni mo fa àkọsílẹ̀ náà jáde. Ohun tó ń kù lórí ọjà lóṣù kan já láti mílíọ̀nù 32 sí mílíọ̀nù 24 àti díẹ̀, bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù 30 ni ìnáwó. Ilé iṣẹ́ tó ń jèrè mílíọ̀nù 2 lóṣù wá ń pàdánù ju mílíọ̀nù 5 lọ. Inú àwọn kasíà ń dùn nítorí pé èrò ń wọ́ wá. Àlàájì fúnra rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rí i pé báàgì náà ti lu láti ìsàlẹ̀.

Ẹ sì wo àwọn wo ni èrò tó pọ̀ sí i náà. Mo rí rìsíìtì kan tí wọ́n já ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá láàárọ̀: páálí Índómì 20, páálí mílíìkì oníke 6, kò sí nǹkan mìíràn lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, irú rẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí mo bi alábòójútó ẹ̀ka náà léèrè, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwọn ìyá tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn wa níbí ni. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ wa ti pọ̀ ju ti ẹni tó ń já ọjà fún wọn lọ." Ẹ gbọ́ o! Àwọn tí Àlàájì ní òun fẹ́ ṣẹ́gun ló ń wá ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ń lọ tún un tà. Ó ti di ẹni tó ń já ọjà fún wọn láìmọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù tó ń fẹ́ sí wọn lára lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ló dé tí kò fi lè ṣẹ́gun wọn? Ẹ lọ wo ìyá ọlọ́jà kan ní Bódìjà. Abẹ́ agboòrùn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò ní jẹnẹrétọ̀, kò ní kasíà, kò ní ẹnu-ọ̀nà tí ọlọ́dẹ ń ṣí. Ọmọ rẹ̀ ló ń bá a tajà bí ó bá dé láti ilé ìwé. Ohun tó ń tà kò ju ogún oríṣi lọ, ó mọ iye tó ra ìkọ̀ọ̀kan, ó mọ ìgbà tó máa tán. Bí àpò ìrẹsì bá wọ́n láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti yí owó tirẹ̀ padà láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò rà tó, ó lè tà fún un lọ́wìn, torí ó mọ ilé rẹ̀. Ní ti ìnáwó díẹ̀, ìyá yìí ni ọ̀gá. Kò ka ìwé Porter rí, ṣùgbọ́n òun ni Porter ń sọ.

Ní òdìkejì rẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ àgbáyé wà, àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ọjà, tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà fúnra rẹ̀ ń wá bẹ̀. Kódà, ìtóbi yẹn nìkan kò tó lórílẹ̀-èdè yìí. Shoprite, tó tóbi jù lọ nínú àwọn tó ń ta oúnjẹ ní súpámákẹ́ẹ̀tì ní Áfíríkà, dé Èkó ní ọdún 2005. Ní 2020, ó kéde pé òun fẹ́ fà sẹ́yìn ní Nàìjíríà, nígbà tó sì di 2021, ó ti ta ilé iṣẹ́ náà fún àwọn oníṣòwò ọmọ Nàìjíríà. Àlàájì ò tóbi tó Shoprite, kò sì kéré tó ìyá ọlọ́jà. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ọwọ́ Àlàájì ò tó pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò wọ kèrègbè.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn fẹ́ fi dá mi lóhùn. Á ní, "Aldi ńkọ́?" Ìbéèrè tó dáa ni, mi ò ní sá fún un. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Karl àti Theo Albrecht gba ṣọ́ọ̀bù kékeré lọ́wọ́ ìyá wọn ní ìlú Essen ní Jámánì. Àwọn náà kéré nígbà yẹn. Lónìí, Aldi wà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1990, nígbà tó sì di 2022, ó ti ré Morrisons kọjá, ó di ìkẹrin nínú àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù níbẹ̀. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi ṣe é. Ó dáa. Ẹ wá jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ṣe é.

Àwọn ọmọ Albrecht kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dínwó. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n dín oríṣi ọjà kù. Títí dòní, níbi tí súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá mìíràn ti ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí 2,000 ni Aldi ń tà. Oríṣi tòmátì inú agolo kan, oríṣi méjì ó pọ̀ jù. Nítorí náà, gbogbo owó tí wọ́n ní fún tòmátì, ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé e lọ, ẹni yẹn ò sì lè ṣe kó má dín owó fún wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà wọn, orúkọ tiwọn ló wà lára rẹ̀, torí náà wọn ò sanwó ìpolówó ọjà ẹlòmíràn. Inú páálí tó gbé ọjà wá ni wọ́n ń fi í sí lórí pẹpẹ, kò sẹ́ni tó ń tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà ló ń di ẹrù ara rẹ̀. Ó ní láti ki owó ẹyọ bọ kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù kó tó lè fà á, á sì gbà á padà bí ó bá dá kẹ̀kẹ́ padà sí àyè rẹ̀, torí náà wọn ò gba òṣìṣẹ́ tó ń ṣa kẹ̀kẹ́ kiri. Èyí tó dùn mọ́ èmi oníkọ̀ǹpútà jù ni pé wọ́n ń tẹ àmì onílà tí ẹ̀rọ kasíà ń kà sí ẹ̀gbẹ́ ọjà púpọ̀, kí kasíà má baà máa yí i kiri. Ìṣẹ́jú àáyá kan lórí ọjà kan. Ẹ fi mílíọ̀nù ọjà sọ ọ́ di púpọ̀.

Ìyẹn ni ọ̀nà kìíní. Ohun gbogbo ló fà síbì kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ní Ìbàdàn, mi ò ní kó má ṣe é, ṣùgbọ́n kó ṣe é délẹ̀. Oríṣi ọjà 11,000 ló wà nínú àkọsílẹ̀ Àlàájì. Nígbà tí mo wò ó, ó ju 6,000 lọ nínú wọn tí wọn kì í tà tó ẹyọ kan lọ́sẹ̀ kan ní ẹ̀ka kan. Oríṣi máyónéèsì mẹ́rìnlá! Gbogbo wọn ló ń gba àyè, tí owó há sínú wọn, tí ọjọ́ ń lọ lórí wọn. Mo sọ fún un pé bí ó bá fẹ́ máa tà lówó pọ́ọ́kú lóòótọ́, kó jẹ́ ká fi 900 sílẹ̀, kó pa ẹ̀rọ amúlétutù, kó ti ibi ìpápánu, kó ta fìríìsà tó lé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè. "Ẹnjiníà, ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa pè é ní kíóòsì ni?" Èsì rẹ̀ nìyẹn. Ó fẹ́ iye owó Aldi, ó tún fẹ́ kí ilé náà dà bí òtẹ́ẹ̀lì. Ibi tí a ti há sáàárín nìyẹn.

Kì í ṣe Àlàájì nìkan ló ti há síbẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ ká padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Aldi gbé wọlé ní 1990. Ilé iṣẹ́ kan ti wà níbẹ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ṣáájú rẹ̀. Kwik Save ni orúkọ rẹ̀, láti àríwá Wales ló sì ti wá. Albert Gubay ló dá a sílẹ̀. Oríṣi ọjà díẹ̀ ni wọ́n ń tà, ó kéré débi pé àwọn kasíà wọn mọ iye owó wọn sórí, wọn ò ní láti lẹ iye mọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríṣi ọjà kún un kí àwọn náà lè dà bíi súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá. Ìnáwó gòkè, ìyàtọ̀ ò sì dé. Aldi ń tà lówó tó kéré ju tiwọn lọ nísàlẹ̀, àwọn ńlá sì dáa jù wọ́n lọ lókè. Ní 1998, wọ́n da ara wọn pọ̀ mọ́ Somerfield. Ní 2007, Kwik Save kógbá sílé. Ẹni tí owó pọ́ọ́kú jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lèyí o, ibi tó sì parí sí nìyẹn nígbà tó fẹ́ mú méjèèjì.

Ó kù kí n sọ ohun tí ìyàtọ̀ jẹ́, torí wọ́n ti tan ọ̀pọ̀ oníṣòwò jẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀rọ amúlétutù kì í ṣe ìyàtọ̀. Aṣọ kan náà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń wọ̀ kì í ṣe ìyàtọ̀. Gúgúrú lẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe ìyàtọ̀. Bí wọ́n ṣe mọ ìyàtọ̀ ni èyí: fi owó díẹ̀ lé ọjà náà, kí o wò ó bóyá oníbàárà ṣì máa wá. Bí ó bá wá, ìyàtọ̀ wà. Bí ó bá yà sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ojú ara rẹ lásán lo ti ń rí i.

Àlàájì ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kò sì mọ̀. Ní ẹ̀ka kan ṣoṣo nínú méje, wọ́n ní ilé búrẹ́dì lẹ́yìn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni búrẹ́dì gbígbóná ń jáde. Òórùn rẹ̀ á dé títì. Mo lọ wo rìsíìtì ẹ̀ka náà. Rìsíìtì tí kò ní búrẹ́dì nínú, ó ń tó nǹkan bí ₦3,200. Èyí tó ní búrẹ́dì nínú, ó ń tó ₦5,900, bẹ́ẹ̀ ₦1,200 péré ni búrẹ́dì. Ẹyin, bọ́tà, tíì, sàdíìnì ló tẹ̀ lé e. Búrẹ́dì ló pè wọ́n wá, àwọn yòókù ló wá mú èrè wá. Ẹ fi èyí wé àwọn tó ra páálí Índómì 20 tí wọn ò wo ẹ̀gbẹ́ wọn. Nígbà tí ìyẹ̀fun wọ́n, wọ́n fi ₦100 lé búrẹ́dì yẹn. Iye tí wọ́n ń tà lójúmọ́ kò dín. Àyẹ̀wò náà gbè é. Ẹ sì wá gbọ́ èyí: lára ohun tí Àlàájì fẹ́ pa láti dín ìnáwó kù ni ilé búrẹ́dì yẹn, torí ó ń jẹ dísù.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan sí i tí kò gba ẹ̀rọ rárá: ẹ̀wà olóyin. Ká sọ pé ₦1,000 la ra kílò kan. Ìyá ọlọ́jà á tà á ní ₦1,150, pẹ̀lú òkúta, èèpo àti kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀. Bí súpámákẹ́ẹ̀tì bá ní kí wọ́n ṣà á, ìdọ̀tí tó jáde á jẹ nǹkan bí ₦50, owó àwọn tó ṣà á ₦60, ọ̀rá tí a fi dì í ₦20. Ìnáwó ìyàtọ̀ náà jẹ́ ₦130. Bí ìyá tó ń dé láti ibi iṣẹ́ ní aago méje alẹ́ bá lè san ₦1,400 fún un, ó ti fi ₦250 lé iye ọjà. Ẹ yọ ₦130 kúrò, ₦120 kù. Ibẹ̀ ni èrè ìyàtọ̀ wà: kí ohun tí oníbàárà fi kún un ju ohun tí a ná lọ. Bí ó bá jẹ́ pé inú páálí olówó gọbọi tó ná wa ní ₦300 la kó o sí, ìyàtọ̀ yẹn ti di gbèsè, bó ti wù kó rẹwà tó. Bí wọ́n sì ṣà á tán tí ọjọ́ kan òkúta ká ẹnìkan léyín, oníbàárà yẹn ò ní san ₦250 yẹn mọ́ láéláé.

Ẹlòmíràn á tún ní, "Ebi ń pa ìlú. Láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè ní 2023, ta ló ń wá ẹ̀wà ṣíṣà?" Òótọ́ ni pé ebi ń pa ìlú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa jù kò tíì wọ súpámákẹ́ẹ̀tì Àlàájì kí á tó dín owó, kò sì wọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí a dín in. Kóńgò ló ń rà, ní àdúgbò rẹ̀, níbi tí wọ́n ti lè bu èènì sí i fún un. Àwọn tó ń wọlé sí ọ̀dọ̀ Àlàájì ni olùkọ́, nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, àwọn tí owó oṣù wọn kò tó nǹkan mọ́. Ẹ̀rù ohun tó ń ba irú wọn báyìí ni kí wọ́n má fi owó díẹ̀ tó kù ra ohun tí kò dáa: wàrà ayédèrú, epo tí wọ́n pò nǹkan mọ́, òróró tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Bí ó bá dá wọn lójú pé ọ̀dọ̀ rẹ ni irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀, wọ́n á san ₦100 lé e. Ìgbà tí owó wọ́n gan-an ni ìgbẹ́kẹ̀lé níye lórí jù.

Mi ò sọ pé ìyàtọ̀ ò ní wàhálà tirẹ̀. Ẹlòmíràn lè kọ́ bí a ṣe ń ṣa ẹ̀wà láàárín oṣù kan. Nítorí náà, ìyàtọ̀ kan ò tó, ó ní láti jẹ́ mẹ́ta mẹ́rin tó so mọ́ra, tó sì gba àkókò kí ẹlòmíràn tó lè ṣe bákan náà. Booths wà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti wà láti ọdún 1847. Ẹ̀ka rẹ̀ kò tó ọgbọ̀n. Nígbà tí gbogbo ilé iṣẹ́ ńlá ń fi ẹ̀rọ tí oníbàárà fi ń sanwó fúnra rẹ̀ rọ́pò kasíà, ní 2023 Booths ní òun fẹ́ yọ tòun kúrò nínú gbogbo ẹ̀ka àyàfi méjì, kí èèyàn lè máa dá èèyàn lóhùn. Ẹni tó ń du ìnáwó díẹ̀ ò lè ṣe irú ẹ̀ láé. Booths lè ṣe é torí ó mọ ohun tó ń tà. Kò tóbi, kò sì bá Aldi jà, ṣùgbọ́n ó ṣì wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó mú ìyàtọ̀ ò gbọdọ̀ máa fi owó ṣòfò. Jẹnẹrétọ̀ tó ń jó dísù lásán kì í ṣe ìyàtọ̀, oríṣi máyónéèsì mẹ́rìnlá náà kì í ṣe ìyàtọ̀. Ṣọ́ owó níbi tí oníbàárà ò rí, ná an níbi tó ti rí i.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, Àlàájì ti ẹ̀ka méjì pa. Òṣìṣẹ́ 31 ló lọ sílé. Ọ̀kan nínú wọn, kasíà tí mo fúnra mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ètò náà, pè mí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹ ò mọ ibi tí wọ́n ti ń wá èèyàn?" Mi ò mọ̀. Ìgbà yẹn ló tó dùn mí pé lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, mo mọ ìṣirò 45 nínú 100 yẹn ṣe, mi ò sì ṣe é. Mo ní kò kàn mí, kóòdù lèmi ń kọ.

Ó kàn mí. Ó sì kan gbogbo ẹni tó bá wà nítòsí irú Àlàájì bẹ́ẹ̀: oníṣirò owó, alábòójútó, àbúrò tó lè bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ dín owó gbogbo ọjà kù, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan kí ẹ tó tẹ ohunkóhun: bí àwa àti ìyá ọlọ́jà bá tà ní iye kan náà, ta ni èrè rẹ̀ máa pọ̀ jù? Bí wọ́n bá dáhùn pé ìyá ọlọ́jà ni, ẹ gbé ọwọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ẹ fi owó pọ́ọ́kú sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín, kí ẹ lọ wá ohun tí ẹ lè ṣe tí ìyá yẹn ò ní ráyè ṣe.